Gbólóhùn Tí Rẹ̀mí Yọ Kúrò

Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo ń tún ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta àga oníke nísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lójú títì, ẹni tó fẹ́ kí ohun tí òun kọ nípa ọjà òun sórí Fesibúùkù dùn ún kà, ọ̀dọ̀ èmi Hamdalah ni wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tí òwò rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á dákẹ́. Ní báyìí, á kọ ọ́ sórí Fesibúùkù, á fi fọ́tò ara rẹ̀ lé e, àwọn èèyàn á sì máa kí i bí ẹni pé ó bímọ. Mi ò bá wọn jà sí i. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kò sì burú kí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ sọ bí kòtò ọ̀hún ṣe jìn tó. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí èèyàn ti ẹlòmíì sínú kòtò, kó wá dúró létí rẹ̀ kó máa gba ẹ kú ìrọ́jú.

Olúrẹ̀mí Ṣóbọ̀wálé ni mò ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi ni, ilé ìwé girama kan náà la jọ lọ ní Ìpájà. Ìṣẹ̀rí-Olófin ni wọ́n bí i sí, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Rẹ̀mí, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò yẹn. Obìnrin tó lawọ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pẹ́ dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó gbà pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé tí wọn ò ní kọ́kọ́ fi han òun lójú oorun. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá mi, àmọ́ láti kékeré ni mo ti ń jẹ ìrẹsì ìkórè nílé Màmá. Kò sí ọdún tí kì í fi tèmi pamọ́.

Rẹ̀mí kàwé jáde tán, kò ríṣẹ́. Kò jókòó sunkún. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi dín ìpékeré nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì ń gbé e kiri àwọn ilé ìwé aládàáni. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwé ní Ìpájà, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndò, wọ́n ń gba páálí páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Ìgàndò, ó kọ "Ìpékeré Rẹ̀mí" síwájú rẹ̀ gàdàgbà gadagba. Inú mi dùn débi pé èmi gan-an ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn láílọ́ọ̀nù náà fún un, mi ò sì gba kọ́bọ̀.

Inú ìjọ ìyá rẹ̀ ló ti rí Abigail Ọdẹ́tọ́lá, ẹni tó fi ṣe olórí ìdáná. Àdúgbò Command, lẹ́bàá Ìpájà, ni Abigail ń gbé. Ó kéré sí wa ní ọdún díẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iná. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè nínú ìjọ, òun ni wọ́n máa ń fi sídìí ìkòkò ńlá. Àwọn ìyá tó tó bí i lọ́mọ á dúró kó tọ́ ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń mọ̀ ọ́n, tí wọ́n fi ń pè é wá dáná ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé. Ohun tó ní láyé nìyẹn, pé oúnjẹ tí ọwọ́ Abigail bá ti kàn, ó dára.

Ọdún 2016 dé, ohun gbogbo gbówó lórí. Òróró tí Rẹ̀mí ń rà tẹ́lẹ̀ láìronú di ohun tó ń wò lókèèrè. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀mí òróró gùn. Èyí tó yẹ kí wọ́n dà nù, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á bu tuntun díẹ̀ lé e, wọ́n á tún gbé e kaná. Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ wọlé, Abigail pe ọ̀gá rẹ̀ sídìí iná.

Ó ní, "Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ wò ó, ó ti dúdú, ó tún ń hó bí omi ọṣẹ. Ẹ jẹ́ ká da èyí nù."

Rẹ̀mí ní, "Àwọn ilé ìwé ń retí wa, jàre. Máa dín in lọ."

Ẹnu Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí. Òróró tó ti gbó kì í tètè tú èèyàn fó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi dín nǹkan, nǹkan náà á máa dún kàrà lẹ́nu, èèyàn ò ní mọ̀. Ìgbà tó bá ti wà nínú láílọ́ọ̀nù fún ìgbà díẹ̀ ni òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn láílọ́ọ̀nù kò tíì sún mọ́lé tí àwọn ọmọ fi ń tu ìpékeré dànù lẹ́nu. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìpájà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé páálí wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn, kò sọ̀rọ̀, ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó yí, Rẹ̀mí ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Màmá Rẹ̀mí bá lá àlá. Ó rí ẹnì kan tó kọ ẹ̀yìn sí òun, tó ń ki ọwọ́ bọ inú òróró ọmọ òun. Ta ló máa ń wà nídìí òróró? Màmá ò pariwo o. Ìyá méjì péré ló sọ ọ́ fún, ó sì ní kó má dé etí ẹlòmíì. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí.

Kò sẹ́ni tó bú Abigail. Ká ní wọ́n bú u, ì bá rí ohun tó máa fèsì sí. Wọ́n kàn rọra gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ se oúnjẹ ọjọ́ àwọn ìyá, wọ́n ní, "Abigail, lọ bá wa to àga." Àwọn tó ń pè é wá dáná ìsọmọlórúkọ náà ò pè é mọ́. Bó bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á tún béèrè ara àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n máa jẹ.

Mo lọ bá Màmá. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò rí bẹ́ẹ̀ o. Rẹ̀mí ló ní kí wọ́n lo òróró yẹn, ó sọ ọ́ fún mi."

Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Hamdalah, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Rẹ̀mí ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Òótọ́ sì ni, kò sọ ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé àlá náà dé, Rẹ̀mí tẹrí ba, ó dákẹ́, ìyá rẹ̀ sì ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí ìbànújẹ́. Bó ṣe wá rí nìyẹn: orúkọ Abigail kò lè mọ́ àfi kí Rẹ̀mí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, tó ní òun fẹ́ kọ ọ́ sórí Fesibúùkù. Ilé iṣẹ́ ìpápánu kan ní Ìkẹjà ń wá ẹni tó máa bójú tó ọjà wọn ní àwọn ilé ìwé. Ọ̀gá ibẹ̀ ti gbọ́ pé Rẹ̀mí ní òwò tẹ́lẹ̀, ó sì ti bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Rẹ̀mí ní, "Wọ́n máa wo ojú ewé mi. Àfi kí n sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, mo sì fẹ́ kó bójú mu."

Mo ní, "Gbé e wá ká wò ó."

Ohun tó ti kọ sínú fóònù gùn bí ọ̀nà Ìpájà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sáàmù. Ó bọ́ sórí ìjọba àti owó òróró. Ó sọ bí òun ṣe sunkún nílẹ̀ ilé ìdáná, ó tún sunkún nínú yàrá, ó tún sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bú ọ̀gá ilé ìwé Ìpájà tó gbé páálí síta, ó sì dárúkọ ilé ìwé náà. Ó ní àwọn ọ̀tá ilé ń yọ̀. Ó bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbàgbé òun. Láàárín gbogbo rẹ̀, bí òkúta nínú ẹ̀wà, gbólóhùn kan jókòó: Abigail sọ pé ká da òróró náà nù, èmi ni mo ní kó máa dín in lọ.

Mo na ìka sí i. Mo ní, "Ìwọ lo kọ èyí?"

Ó ní, "Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó jáde."

"Ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, ariwo ni."

A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó bá mi jà lórí ẹkún. Mo ní, "Ẹkún kan tó. Bó o bá sun mẹ́ta, ẹkún ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀." A yọ ọ̀gá ilé ìwé kúrò, torí pé ìpékeré tó ń rùn ló dá padà, kò sì jẹ wá ní gbèsè ẹ̀rín. A yọ ìjọba kúrò. Òótọ́ ni pé òróró wọ́n, ṣùgbọ́n ó wọ́n fún gbogbo ẹni tó ń dín ìpékeré, kì í ṣe gbogbo wọn ló sì lo èyí tó ti gbó. Mo jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ gan-an síwájú, torí Fesibúùkù á ká ìyókù pa mọ́, ẹni tó ń fọwọ́ fa fóònù kọjá ò ní dúró de Sáàmù. Kò gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ di oníwàásù tó ń kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́. Kó sọ ohun tó ṣe, ohun tó fà á, ohun tó ti ṣe fún àwọn tó jẹ níyà, bó ṣe rí lára rẹ̀, kó jókòó.

Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́, nítorí ọ̀gá Ìkẹjà. Ohun tó sọ nìyí:

"Mo ti ti Ìpékeré Rẹ̀mí pa. Ìpékeré wa ń rùn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, torí pé a lo òróró kọjá ibi tó yẹ. Èmi ni mo pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Abigail Ọdẹ́tọ́lá, olórí ìdáná wa, sọ fún mi pé ká dà á nù. Mo ní kó máa dín in lọ, torí ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ilé ìwé á lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo ti gba gbogbo páálí tó kù padà, mo sì ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ojú ń tì mí gan-an. Bí mo bá tún dáná fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó wà nídìí iná ni yóò máa sọ ìgbà tí òróró tó dà nù."

Rẹ̀mí kà á, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́."

Mo ní ó ku nǹkan kan. A kì í gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ síta láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ oríire la fẹ́ fi kí i. A bá gba Command lọ.

Abigail ń lọ aṣọ nígbà tí a débẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ àwọn aládùúgbò ló kó jọ sórí tábìlì. Iṣẹ́ tó kù tí wọ́n ń gbé fún un nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé áyọ́ọ̀nù sórí irin. Rẹ̀mí kà á fún un, ó sì ń túmọ̀ ibi tó bá ta kókó. Nígbà tó dé orí orúkọ rẹ̀, Abigail di etí tábìlì mú.

Ó ní, "Ẹ tún un kà, Àǹtí."

Rẹ̀mí tún un kà.

Mo ní, "Ṣé ká fi orúkọ ẹ síbẹ̀, àbí ká yọ ọ́?"

"Ẹ fi síbẹ̀, Àǹtí Hamdalah. Ẹ jọ̀ọ́. Kó hàn dáadáa." Ó wá yíjú sí Rẹ̀mí. "Àwọn ìyá kì í wo fóònù, ṣá. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e síbẹ̀ tán, ẹ bá mi kà á sétí Màmá."

Rẹ̀mí ní, "Mo gbọ́. Màá kà á fún Màmá." Ó di ọwọ́ Abigail mú, ó sunkún, èyí tí mo ní kó má kọ síbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà pé lọ́jọ́ yẹn, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Àmọ́ Rẹ̀mí ní ọ̀rẹ́ mìíràn, Báyọ̀dé, ẹni tó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ ń dán. Rẹ̀mí fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun wò ó. Báyọ̀dé ní kò sẹ́ni tó ń dárúkọ òṣìṣẹ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ẹni tó bá dárúkọ òṣìṣẹ́, ẹ̀bi ló sábà máa ń fẹ́ rù ú. Ṣùgbọ́n ti Abigail yàtọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dárúkọ òun, ẹrù tó sì wà lórí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Báyọ̀dé tún ní ta ni yóò gba obìnrin tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi òróró tó ti gbó dín nǹkan fún ọmọ ilé ìwé? Ó ní kí wọ́n yọ gbólóhùn yẹn, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó ga díẹ̀ fi dípò.

Orí àga mi ni mo jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo rí i. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ lé e, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

"Mo ti ti Ìpékeré Rẹ̀mí pa. A ní ìṣòro nínú bí àwọn òṣìṣẹ́ wa ṣe ń bójú tó ọjà, kò sì jẹ́ kí ohun tí à ń ṣe dára tó bó ṣe yẹ. Gẹ́gẹ́ bí olórí, mo gba ẹ̀bi náà. Ojú ń tì mí gan-an…"

Ojú ń tì mí gan-an! Ibi tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí gẹ́lẹ́ ló wà. Gbogbo ohun tí mo tún ṣe ló wà níbẹ̀, gígé tí a gé e, bó ṣe dákẹ́ níbi tó yẹ, gbólóhùn ìtìjú kan ṣoṣo tí mo fi rọ́pò ẹkún rẹ̀. Ẹ̀yà ara pé, wọ́n kàn yọ ọkàn. Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní "gẹ́gẹ́ bí olórí, mo gba ẹ̀bi náà," ẹ̀bi ẹlòmíì ló ní òun ń gbà. Kí wá ni kí gbogbo Ìṣẹ̀rí-Olófin máa wí?

Àwọn èèyàn rọ́ wá. "Akíkanjú obìnrin." "Irú olórí tí à ń fẹ́ nìyí." "Ìwọ yìí, o ga." Ọ̀gá Ìkẹjà fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Rẹ̀mí ò kà á sétí Màmá. Ẹlòmíì bá a kà á. Simeon, akọ̀wé ìjọ wọn, ló rí i lórí fóònù rẹ̀, ó sì kà á fún Màmá lẹ́yìn ìsìn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Kò ṣì í túmọ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ò bójú tó ọjà, Rẹ̀mí sì gba ẹ̀bi torí òun ni olórí. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Ó ní, "Ẹ ò rí ọmọ mi! Wọ́n bà á láyé jẹ́, ó tún ń bá wọn ru ẹ̀bi wọn. Kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde jẹ́rìí sí i nínú ìjọ, pé Ọlọ́run fún òun ní ọmọ tó mọ àánú ṣe. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Abigail wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Òun náà ṣe àmín, torí wọ́n ń wò ó.

Mo lọ bá Rẹ̀mí nílé. Mi ò kí i.

Mo ní, "Níbo ni gbólóhùn yẹn wà?"

"Jọ̀ọ́, Hamdalah, jókòó."

"Mi ò jókòó. Ìwọ lo kọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ fún ẹ. Ìwọ lo kà á fún ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, o dì í lọ́wọ́ mú."

Ó ní, "Wọ́n ti gbà mí ní Ìkẹjà. Màá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Jẹ́ kí n wọlé tán, kí ẹsẹ̀ mi ranlẹ̀, màá lọ tún un ṣe. Èèyàn lè tún ọ̀rọ̀ tó ti kọ ṣe lórí Fesibúùkù, ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo tún mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń padà lọ ka ọ̀rọ̀ tó ti kà. Ẹyin lọ̀rọ̀, Rẹ̀mí. Ó ti balẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n pàdánù ohun méjèèjì?"

"Fi Fesibúùkù sílẹ̀ nígbà náà. Màmá wà nínú yàrá. Ọ̀gá Ìkẹjà ò sí níbẹ̀. Wọlé, kó o sọ fún un."

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ dìde. Ó ní, "Màmá ti jẹ́rìí, Hamdalah. Ó ti jẹ́rìí lójú gbogbo ìjọ. Ṣé kí n wá sọ ọ́ di òpùrọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Mo fún ara mi ní ìsinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ìkórè fi dé. Màmá ránṣẹ́ pè mí bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì lè kọ̀ fún Màmá. Wọ́n ta ìbòrí sí ẹ̀yìn ilé ìjọ, ìkòkò ńlá wà lórí ààrò, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà nídìí rẹ̀. Rẹ̀mí jókòó síwájú, òun àti àwọn àlejò pàtàkì. Ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ti sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ara rẹ̀ ti ń dán, ó sì ń sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì í pé wọ́n ní kí òun wá bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń gba àṣìṣe rẹ̀.

Abigail ń to àga. Àga oníke funfun, bíi ti ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń tú wọn kúrò nínú ara wọn, ó ń tò wọ́n sí ìlà, ó ń fi ìdí aṣọ nù wọ́n. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí Hamdalah, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbí, ibòji wà."

Mo jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kún pe Abigail pé kó wá bá òun gbé abọ́ ọbẹ̀. Abigail sáré lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí abọ́ náà kí Màmá Rẹ̀mí tó rí i.

Màmá ní, "Rárá, rárá, fi í sílẹ̀." Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọdé kó má fọwọ́ kan iná. "Ẹ bù fún Abigail, kó lọ jókòó jẹun. Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan kan."

Gbogbo wa tó wà nítòsí la gbọ́. Abigail fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi nu ara aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Rẹ̀mí. Èmi náà wò ó.

Rẹ̀mí dìde. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó fi ọkùnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Màmá yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ohun tó fẹ́ sọ. Rẹ̀mí la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹran kún ti Abigail."

Wọ́n fi ẹran kún un. Wọ́n gbé abọ́ náà fún Abigail, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tó ti nù, ó sì padà lọ to èyí tó kù.